Ìwé tí Ọdẹ́wùmí Kọ fún Mi, àti Ohun tí Mo Rí ní Ìdí Ògànwó

Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá jókòó sí ọ̀nà jíjìn, tó gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kó má lọ rò ó kiri ìlú bí odindi. Èmi Ọdẹ́rìndé ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ti bá ẹfọ̀n fà á nínú odò gbígbẹ títí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí. Mo ti sùn sórí igi tí ejò sùn sí ẹ̀ka kejì rẹ̀. A jọ jí láàárọ̀, a wo ara wa, oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé irọ́ ni, kó dìde kí n rí ojú rẹ̀. Kò sí? Ó dáa. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù kò bà mí rí nínú igbó. Ọjọ́ tí ẹ̀rù máa kọ́kọ́ fọwọ́ lé mi léjìká, ẹnu ìrìn bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo wọ bàtà, mo dé fìlà, mo gbé báàgì lé ẹsẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwẹ̀ró, aya mi, ti lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ Ọdẹ́wùmí ọmọ wa, ó lọ bá a wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ ń dàgbà, ìyá ọmọ ń sanra, àfi ìyá àgbà ni àìsàn ki mọ́lẹ̀. Ọdẹ́wùmí wá pè mí sórí fóònù aládùúgbò, èmi kò ní tèmi. Ó ní, “Bàbá mi, Màmá ń béèrè yín. Wọ́n ní àwọn ò ní fi nǹkan kan ẹnu títí àwọn á fi rí yín.”

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń wí. Ọmọ kì í sọ fún bàbá rẹ̀ pé ìyá ń kú lọ. Á ní ó ń béèrè yín.

Mo ní mò ń bọ̀. Ta ni yóò mú mi lọ? Kò sẹ́ni. Ọdẹ́wùmí kò lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, Ọlágòkè ọkọ rẹ̀ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá sí Ṣakí. Àgbà tí kò tíì dá wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn rí ni mí. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń mọ ilẹ̀. Ni ọmọ mi bá jókòó, ó kọ ìwé, ó kó o sínú àpòòwé, ó fi rán dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ẹ̀dà méjì ló kọ: ó ní kí n fi ọ̀kan sí àpò àyà, kí n fi ìkejì sí ìsàlẹ̀ báàgì, nítorí bí ọ̀kan bá sọnù. Ó kọ ọ́ gàdàgàdà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó àtàǹpàkò. Èmi náà sì mọ̀ ọ́n kà. Kò sí tíṣà tó kọ́ mi. Ara páálí ọta ìbọn àti kàlẹ́ńdà ògiri ni mo ti kọ́ ọ, bí mo ti ń kọ́ ojú ẹsẹ̀ ẹran.

Ohun tó kọ nìyí, n kò bu kún un:

“Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á nílé, kí ẹ tún un kà nínú ọkọ̀. Ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ rí i, ẹ dì í mú kí ó kà á lọ́wọ́ yín.

Bọ́ọ̀sì funfun onílà búlúù ni. Mo ti bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀, mo sì ti ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín nínú ìwé èrò. Ìjókòó kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni tiyín, a ti san án. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ dìde, ẹ má dìde.

Ìsẹ́yìn: èrò á sọ̀, èrò á wọlé. Ẹ má sọ̀.

Ìbàdàn: ọkọ̀ á dúró díẹ̀. Ẹ sọ̀ kí ẹ lọ tọ̀, kí ẹ sì na ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀sì funfun pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Mo ti fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìwé yìí kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ifẹ̀: ẹ jẹ móínmóín tí ẹ gbé láti ilé, kí ẹ sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má ra nǹkan kan lójú fèrèsé.

Iléṣà: ẹ má sọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí kọ̀ndọ́ pè wá. Nọ́ńbà mi àti ti Ọlágòkè wà nísàlẹ̀.

Àkúrẹ́: ẹ má dé páàkì o. Ìdí Ògànwó ni kí ẹ ti sọ̀. Ẹ ó rí kẹ́místì kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, bẹ́ńṣì wà níwájú rẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì rí wa, ẹ má kúrò lójú kan. Ọlágòkè ló ń bọ̀ wá pàdé yín, òun nìkan. Màmá ò lè wá, èmi náà ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní àwa la rán òun, ẹ má tẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀.”

Mo kà á tán, mo bínú. Mo ní ọmọ yìí rò pé èmi ni ọmọ tuntun tó ń wẹ̀. Èmi tí mò ń fi òórùn mọ ibi tí ẹtu sùn! Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í ṣe ti ẹni tó gbójú, ti ẹni tó mọ ibi tó ń lọ ni. Mo ṣe ìwé náà ní ìlọ́po mẹ́rin, mo fi í sí àyà.

N kò ní fi ìrìn bọ́ọ̀sì dá yín lágara. Mo wọ̀ ọ́ ní Ṣakí. Ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn bí ewúrẹ́ tó fẹ́ lọ sọ́jà wá dúró tì mí, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bọ́ sẹ́yìn, mo fẹ́ràn fèrèsé.” Mo ní, “Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyí tí ọmọ mi fi rà á.” Ó jókòó tì mí, ó ń fa ojú ro. Ní Ìbàdàn mo kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sẹ́yìn ìwé, mo sọ̀, mo tọ̀, mo padà, mo sì rí àgbàlagbà kan tó wọ ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ó funfun. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọrin fún un. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, a kò kọ ìwé fún ìyẹn.

Ní Ifẹ̀ mo jẹun, mo gbé oògùn mì. A kọjá Iléṣà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹjú.

Tírélà kan dùbúlẹ̀ sí àárín títì bí òkú erin, igi ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́n ká, ọkọ̀ ò ríbi gbà. Dírẹ́bà ní òun mọ ọ̀nà àtijọ́ kan tó gba inú igbó kọjá, tí wọ́n ń gbà kí òyìnbó tó ṣe títì. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀, a wọgbó. Bí a ti wọ̀ ọ́ báyìí, kùrukùru wọ̀ ọ́ tẹ̀lé wa. Ọ̀sán gangan ni, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ rí bí omi tí wọ́n fọ ewé sí. Mo tẹ́tí, n kò gbọ́ ẹyẹ kan. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbọ́: igbó tí kò ní ẹyẹ, ó ní onílé mìíràn.

Mo ké sí kọ̀ndọ́. Tìámíyù ni wọ́n ń pè é, ọmọkùnrin gígùn kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ fárífárí lọ. Mo ní, “Bá mi pe ọmọ mi.”

Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi í sétí, ó tún un tẹ̀. “Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Ẹ ṣe sùúrù. Ọmọ yín ò ní sá lọ.”

Kí ó tó dákẹ́, ọkọ̀ rọra ń fà. A ti dé ìlú kan. Ilé kò sí níbẹ̀, ọjà nìkan ni, ọjà náà kò sì pariwo. Àwọn tó ń kiri sáré tọ ojú fèrèsé wá bí wọ́n ti ń ṣe níbi gbogbo, wọ́n gbé atẹ́ lórí, aṣọ bò ó. Ẹnu wọn ń mì, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kígbe. Obìnrin kan ṣí atẹ́ tirẹ̀ níwájú mi. Ọ̀rá kéékèèké ló tò síbẹ̀ bí ọ̀rá omi tútù, ṣùgbọ́n omi kọ́ ló wà nínú wọn. Nǹkan ń gbọ̀n nínú wọn. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e sún mọ́ etí mi, ó fi ìka fún un díẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi.

Ìyá mi tí a sin kí ìgbà òyìnbó tó parí! Ó ń kì mí: “Àjàní, ọmọ a-fọ̀kọ̀-dáná, wá jẹun, ọbẹ̀ ń tutù.” Ọwọ́ mi ti wọ àpò láti wá nǹkan tí n ó fi rà á. Ìwé ni ọwọ́ mi bá. *Ẹ má ra nǹkan kan lójú fèrèsé.* Mo fa ọwọ́ yọ, mo ti gíláàsì pa, mo sì sunkún bí ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ lọ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ọ̀rá.

Onítáì ẹ̀gbẹ́ mi ti na ọwọ́ kọjá lójú mi, ó ti rà ọ̀kan. Ó fi eyín já etí rẹ̀, ó mu ún gbẹ. Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni, kí lo mu yẹn?” Ó yíjú sí mi. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn arúgbó obìnrin ni. Ó ní, “Àtìlọ́lá, kí ló mú ọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?” Orúkọ ara rẹ̀ ló ń pè, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ndọ́ ní Ṣakí. Láti ìgbà náà, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Á ṣáà máa tún un sọ: “Àtìlọ́lá, kí ló mú ọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?” Mo fi báàgì mi sí àárín wa.

A rìn díẹ̀, okùn kan dábùú ọ̀nà. Ẹni tó dì í mú, mo wò ó, mo tún un wò. Aṣọ ni. Agbádá ńlá kan ló dúró gàgàrà, ó ga tó ọ̀pẹ, apá rẹ̀ na, ọrùn rẹ̀ là, kò sí ẹni kankan nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́, aṣọ ń fì. Ó gba ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì wọlé bí èéfín ti ń wọlé.

Agbádá ní, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ ènìyàn. Èmi ni oníbodè. N kì í gba owó. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ń béèrè: kí ni ẹni tó ń lọ ní, tí ẹni tó ń sọnù kò ní?”

Obìnrin kan lẹ́yìn dáhùn, ó ní ẹsẹ̀ ni. Agbádá ní, “Ẹni tó ń sọnù ní ẹsẹ̀ ju tìrẹ lọ.” Ọkùnrin kan ní owó ọkọ̀ ni. Agbádá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dún bí ìgbà tí a bá ń gbọn aṣọ tútù. Ó sún mọ́ obìnrin yẹn, ó ń ṣí apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbá a mọ́ra.

N kò lè gbà á. Ẹ mọ̀ mí. Ẹni tí kò bá lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ níwájú ọba, kò ní pa á mọ́ níwájú aṣọ. Mo ní, “Ìwọ aṣọ tí ara sá kúrò nínú rẹ̀! Ẹni tó ń dúró dè é ni. Ẹni tó ń lọ ní ẹni tó ń dúró dè é.”

Agbádá dúró sójú kan. Ó tẹ̀ wá síwájú mi. Nínú ọrùn rẹ̀, òkùnkùn ni mo rí, òkùnkùn náà sì ń mí.

“Ta ló ń dúró dè ọ́, arúgbó?”

“Ọlágòkè, ọkọ ọmọ mi.”

“Níbo?”

“Lórí bẹ́ńṣì iwájú kẹ́místì, ní Ìdí Ògànwó.”

“Mú ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wá.”

Mo ní, “Ọmọ mi ní kí n má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá mọ ìwé kà, tẹ orí ba, kí o kà á lọ́wọ́ mi. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, lọ kọ́ ọ bí èmi ti ṣe.”

Ó tẹ orí ba. Mo rí i bí ọrùn aṣọ náà ti ń lọ láti ìlà dé ìlà. Nígbà tó dé Ìdí Ògànwó, ó dúró pẹ́. Ó wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, “Ìdí Ògànwó. Ó dára. Lọ́dọ̀ tiwa, igi náà ṣì wà níbẹ̀.”

Ó tú okùn. N kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ túmọ̀ sí. Mo tilẹ̀ ń yangàn fún ara mi pé mo ti já àlọ́ oníbodè.

Ìgbà tí kùrukùru tún ki sí i, ọkọ̀ dúró, mo sì gbọ́ tí ohùn kan ké níwájú pé, “Ìdí Ògànwó! Ìdí Ògànwó sọ̀ o!”

Mo wo ìta. Olúwa ló mọ̀, mo rí ògànwó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ igi, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: èèpo tó ń ya ní pelebe-pelebe, ìtí tí ọkùnrin mẹ́fà kò lè gbá yí ká, orí rẹ̀ wọ inú kùrukùru lọ. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà ni wọ́n kọ sí pátákó, ǹ bá tún un kà. Ṣùgbọ́n igi ni, ta ni yóò kọ́ Ọdẹ́rìndé ní igi? Mo gbé báàgì, mo sọ̀. Onítáì náà sọ̀ tẹ̀lé mi.

Àwọn ènìyàn dúró sábẹ́ igi náà, wọ́n pọ̀, wọ́n mọ́ tónítóní. Àwọn kan wọ aṣọ òfì àtijọ́, àwọn kan wọ aṣọ ṣọ́jà, àwọn kan wọ ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń wọ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo ojú àwa tó sọ̀ bí a ti ń wo ojú èrò ní páàkì. Ìyá arúgbó kan yọ láàárín wọn, ó di onítáì lọ́wọ́ mú. Ó ní, “Àtìlọ́lá, kí ló mú ọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?” Ohùn yẹn ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jáde nílé ìwé. Àwọn méjèèjì yí ìdí igi kọjá. Mo yọjú wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọn kò jáde síbẹ̀.

Ìgbà náà ni mo yọ ìwé. Mo wá kẹ́místì. Kò sí. Mo wá bẹ́ńṣì. Kò sí. Mo yíjú sẹ́yìn kí n padà sínú ọkọ̀. Kùrukùru nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo ní, ó dáa náà. Ìwé ní kí n má kúrò lójú kan. Mo gbé báàgì kalẹ̀, mo jókòó lé e.

Ẹnì kan ń bọ̀. Kí ó tó dé ni mo ti mọ ìrìn rẹ̀. Àwẹ̀ró ni. N kò sọ pé ẹni tó jọ ọ́ ni o, mo ní Àwẹ̀ró ni. Kò tiro. Ẹsẹ̀ tó ti ń dùn ún láti ìgbà tí ó ti gbé ìkòkò ṣubú, ó ń gbé e bí ọmọge.

“Bàbá Wùmí, ẹ kú ìrìn.”

Mo ní, “Àwẹ̀ró, ta ló rán ọ wá?”

“Ṣé wọ́n ń rán ènìyàn kó tó lọ pàdé ọkọ rẹ̀ ni?”

“Wùmí ní o kò lè dìde.”

“Ẹ wò mí. Ṣé mo dìde àbí n kò dìde?” Ó yí ara rẹ̀ ká, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ dìde, ilé kò jìnnà. Ẹ gbé báàgì yẹn wá, àbí ẹ fẹ́ kí n gbé yín pọ̀ mọ́ ọn?”

Mo ní, “Bẹ́ńṣì dà?”

“Bẹ́ńṣì wo?”

“Kẹ́místì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé dà?”

“Bàbá Wùmí, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín, ibo ni mo mú yín lọ tí ẹ sọnù?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Kò sí ibi tó mú mi lọ tí mo sọnù. Èmi ni mo máa ń mú un sọnù. Mo na ìwé sókè, mo ní, “Wọ́n kọ ọ́ síbí. Ọlágòkè nìkan ló ń bọ̀. Màmá ò lè wá. Ẹ má tẹ̀ lé ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀.”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Ọmọ tí mo bí! Èmi ni mo rọbí rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ẹnu, òun ló wá kọ mí kúrò nínú ìwé? Ẹ̀yin náà sì jókòó, ẹ ń kà á sí mi létí? Ẹ kò tijú!”

Ó na ọwọ́ sí mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo ohun tí mo ní láyé wà lórí ọwọ́ yẹn. Bí mo bá dì í mú, mo mọ ibi tí a ń lọ. Bí n kò bá dì í mú, n kò mọ̀ bóyá n ó tún rí i. Bóyá ó ti kú, tí èmi sì ń ka ìwé fún un.

Mo ní, “Bí o bá jẹ́ Àwẹ̀ró mi, wá jókòó tì mí lórí báàgì yìí, kí a jọ dúró de Ọlágòkè.”

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, lápá ibi tí igi wà. Ó ní, “Wọn kò ní jẹ́ kí n dúró pẹ́.”

“Àwọn wo?”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà. “Ṣé ẹ ò bá mi lọ?”

“N kò bá ọ lọ. Padà sílé, Àwẹ̀ró. Dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n tẹ́ ọ sí. Èmi ni mò ń bọ̀ wá bá ọ, kì í ṣe ìwọ ni yóò wá bá mi.”

Ó pòṣé. Ẹ kò tíì gbọ́ òṣé obìnrin yẹn rí. Ajá ilé wa a máa sá fún un. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń rìn lọ, ó ń kùn. N kò lè wò ó kí n mọ apá ibi tó gbà. Mo gbé fìlà bo ojú.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí nǹkan kan di mí mú ní kọ́là.

“Bàbá yìí! Ṣé ẹ fẹ́ kó bá mi ni? Ta ló ní kí ẹ sọ̀? Èmi ń ka èrò, mo ń ka èrò, kò pé! Wọ́n á ní Tìámíyù ti ta bàbá oníbàbá! Ẹ dìde níbẹ̀ jàre, àgbàyà!”

Mo fẹ́ràn èébú yẹn ju oríkì lọ. Gbogbo ará ibẹ̀ yẹn ló ní ìwà pẹ̀lẹ́. Alààyè nìkan ló ń bú ènìyàn báyẹn. Mo di í mú pinpin, mo ní, “Tún mi bú.”

Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gun orí bàbá yìí.”

Ó ní àwọn kò pe ibùdókọ̀ kankan. Ó ní ẹ́ńjìnnì ló gbóná, dírẹ́bà sì dúró bu omi sí i. Ó ní òun rí mi nínú igbó tí mo jókòó sórí báàgì lójú gbangba. Mo bi í nípa onítáì. Ó wo ìwé èrò, ó wo ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi tó ṣófo. Kò bú ẹnikẹ́ni mọ́ títí a fi jáde sí títì.

Nígbà tí a dé Àkúrẹ́, ó ké, “Ìdí Ògànwó!” N kò mira. Mo wo ìta: ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, ilé epo, abẹ́ agboòrùn tí wọ́n ti ń ta káàdì fóònù. Igi kan kò sí níbẹ̀, ewé kan kò sí níbẹ̀.

“Bàbá, ẹ sọ̀.”

“Ògànwó dà?”

“Ògànwó wo?”

“N kò sọ̀ níbi tí n kò rí ògànwó.” Lẹ́yìn náà ni mo rántí. “Bẹ́ẹ̀ kọ́. N kò sọ̀ níbi tí mo bá ti rí i. Pe ọkọ ọmọ mi. Kò kàn mí bí ọkọ̀ á dúró dọ̀la.”

Àwọn èrò ń hó. Tìámíyù tẹ fóònù, ó gbé e sí mi létí. Ọlágòkè ni, ó ní, “Bàbá, mò ń wò yín láti orí bẹ́ńṣì. Ògànwó kẹ̀? Wọ́n ti gé e kí wọ́n tó bí mi, orúkọ ló ṣẹ́kù. Kò sẹ́ni tó tún rántí igi náà, ìdí nìyẹn tí Wùmí ò fi kọ ọ́.”

Mo yọjú. Kẹ́místì aláwọ̀ ewé rèé. Bẹ́ńṣì rèé. Ọlágòkè dìde dúró lórí rẹ̀, ó ń ju ọwọ́. Mo sọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Mo ní, “Àwẹ̀ró ńkọ́?” Kò tètè dìde.

“Bàbá,” ó ní, “lọ́sàn-án yìí, a rò pé wọ́n ti lọ. Wọn ò mí mọ́. Dókítà ti ní kí Wùmí jáde. Ni Màmá bá pòṣé, tí wọ́n sì ní kí a gbé omi wá.”

Ó fi ọkọ̀ gbé mi dé ilé ìwòsàn. Àwẹ̀ró wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbẹ bí ẹja gbígbẹ, ó yíjú sí ògiri. Ọdẹ́wùmí kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Mo ní kí ó lọ gbé ọmọ rẹ̀ wá kí n rí i.

Nígbà tó ku èmi àti Àwẹ̀ró, ó ní, kò wò mí, “Mo na ọwọ́ sí yín níṣojú gbogbo èrò, ẹ kọ̀ ọ́.”

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò bá wọn lọ?”

“Ta ni n ó máa bá jà níbẹ̀?”

Ó na ọwọ́ ọ̀hún sí mi, èyí tó tutù, tó rọ. Mo dì í mú. Mo wá rí etí ìró rẹ̀ tó yọ lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ gbẹ̀yìn, Ọdẹ́wùmí ló ń gbé e wẹ̀. Ṣùgbọ́n èèmọ́ igbó lẹ̀ mọ́ etí ìró náà yí ká, tútù, ìrì ṣì wà lára wọn. Mo jókòó, mo ń fi ọwọ́ kan já wọn kúrò níkọ̀ọ̀kan kí ọmọ wa tó padà wọlé. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí mo kó wọn sí.